Kò Sí Olè, Síbẹ̀ Owó Ìkọ́lé Ò Pé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ọ̀rọ̀ ètò tọ̀sẹ̀ yìí rèé. Ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan la yọ kúrò.

Ọ̀rọ̀ owó ìjọ la fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, àwọn kan á ti máa wá pásítọ̀ tí wọ́n máa bú. Ẹ dúró ná. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò ní olè nínú, òun gan-an ló sì jẹ́ kó dùn mí.

Ìyá mi ń ta láfún ní Ṣakí. Fún ọdún mẹ́rin gbáko, oṣooṣù ni wọ́n ń fi owó sínú ẹ́ńfúlọ́ọ̀pù kan tí wọ́n kọ "Owó Ìkọ́lé" sí lára. Ìdámẹ́wàá wọn wà lọ́tọ̀, ọrẹ ọjọ́ Àìkú wà lọ́tọ̀, owó ìkọ́lé sì wà lọ́tọ̀. Ìjọ náà ti mọ ògiri dé òkè fèrèsé, òrùlé ló kù. Nígbà tó wá di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ra páànù àti igi, ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ṣí ìwé, wọ́n ro gbogbo ohun táwọn èèyàn ti dá, wọ́n yọ ohun tí wọ́n ti ná sórí ògiri, wọ́n sì wo ohun tó wà ní báńkì. Kò dọ́gba. Owó ńlá ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ìjọ pín sí méjì. Àwọn kan ní pásítọ̀ ló jẹ ẹ́, àwọn kan ní akápò ni. Wọ́n yẹ ìwé wò, wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọn ò rí ẹnì kankan tó mú kọ́bọ̀ lọ sílé. Nígbà tí ìyá mi pè mí lórí fóònù, ohun tí wọ́n bi mí ni pé: "Ṣé owó máa ń fẹsẹ̀ rìn ni?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé tọ bàbá kan lọ, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tí wọ́n ti ṣe akápò ìjọ mìíràn ní Òkè-Ògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní ká má dárúkọ àwọn, nítorí náà Bàbá Akápò la ó máa pè wọ́n. Mo béèrè ìbéèrè ìyá mi lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Owó máa ń rìn. Bí o bá kó owó méjì sínú àpò kan, èyí tébi ń pa á rìn lọ jẹ èyí tí kò tíì sí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Owó mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ owó tí à ń sọ. Ìdámẹ́wàá ni ẹnì kan máa ń yọ nínú ohun tó wọlé fún un, ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Ọrẹ ni ohun tó bá ti ọkàn ẹni wá, ìbáà jẹ́ ti ọjọ́ Àìkú tàbí ti ìdúpẹ́. Owó méjèèjì yìí ni ìjọ fi ń gbé ọjọ́ dé ọjọ́. Inú wọn ni wọ́n ti ń fún pásítọ̀ lówó oṣù, tí wọ́n ti ń ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n sì ti ń ran opó àti aláìsàn lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa tó jókòó sẹ́yìn kì í rí. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ tó ní olú-ìjọ níbòmíràn, apá kan nínú ìdámẹ́wàá àti ọrẹ gbọ́dọ̀ gòkè lọ sí àgbègbè tàbí olú-ìjọ. Iye rẹ̀ yàtọ̀ láti ìjọ dé ìjọ, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn fi jọra: owó yẹn ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dé ibi tó ń lọ, ẹnì kan sì wà lókè tó ń kà á.

Owó ìkọ́lé yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹni tó mú un wá ti sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n fi ṣe. Ó ti so ó mọ́ iṣẹ́ kan. Ìjọ kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ títí ọjọ́ iṣẹ́ ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi, owó ìkọ́lé kì í sí lára ohun tí wọ́n ń yọ ti òkè nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìjọ tó ń kọ́lé ló ń jókòó sí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Gbogbo owó yòókù ló ní ẹni tó ń pè é lójoojúmọ́. Owó ìkọ́lé nìkan ló ń jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa láti Ìsẹ́yìn, ẹ mọ irú nǹkan báyìí. Kùránì ka ìsọ̀rí èèyàn àti iṣẹ́ mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ ló sì sọ pé kíkọ́ mọ́sálásí kò sí nínú mẹ́jọ yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dá owó mọ́sálásí lọ́tọ̀. Sàká tálákà kò gbọdọ̀ di bíríkì. Ìlànà kan náà ni: owó tó ti ní ìdí kò ṣe é yà bàrá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Mo ní kí Bàbá Akápò fi ìṣirò hàn mí bí owó ṣe ń rìn láìsí olè. Wọ́n mú bébà. Ìjọ tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ kò sí níbì kankan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣe akápò rí, ẹ máa mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ní ìjọ kan wà ní Ṣakí tó ní nǹkan bí ọgọ́fà ọmọ ìjọ. Lóṣù tí ọjà dára, ìdámẹ́wàá àti ọrẹ wọn papọ̀ jẹ́ 390,000 náírà. Wọ́n fi ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́ sókè, ìyẹn 117,000. Owó oṣù pásítọ̀ jẹ́ 150,000. Epo àti iná jẹ́ 45,000. Àtúnṣe ohun èlò orin àti owó ọkọ̀ jẹ́ 28,000. Ìrànlọ́wọ́ fún aláìní jẹ́ 30,000. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 370,000 ni. Ó ṣẹ́kù 20,000. Kò burú.

Lọ́tọ̀ sí ìyẹn, oṣooṣù ni wọ́n ń dá 110,000 fún ìkọ́lé.

Ṣùgbọ́n Òkè-Ògùn là ń sọ. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ, tàbí ẹni tó ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Lẹ́yìn tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ti ná owó sórí èbù iṣu àti ríro oko, tí iṣu tuntun kò sì tíì jáde, ọwọ́ gbogbo èèyàn á gbẹ. Ìdámẹ́wàá kì í ṣe owó oṣù ìjọba, bí ohun tó wọlé bá dín kù, òun náà á dín kù. Ẹ jẹ́ ká ní oṣù mẹ́rin wà lọ́dún tí ìdámẹ́wàá àti ọrẹ já sí 250,000. Ti òkè á dín kù sí 75,000. Ṣùgbọ́n pásítọ̀ ṣì ń jẹun, jẹnẹrétọ̀ ṣì ń mu epo. Ìná oṣù náà á jẹ́ 328,000. Ó dín ní 78,000.

Níbo ni 78,000 yẹn á ti wá? Bí gbogbo owó ìjọ bá wà nínú àkántì kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Akápò á kọ ìwé owó pásítọ̀ bó ṣe máa ń kọ ọ́, báńkì á sì san án, nítorí owó wà níbẹ̀. Owó ìkọ́lé ló wà níbẹ̀. Kò sí ìpàdé tí wọ́n ṣe, kò sí ẹni tó ní "ẹ jẹ́ ká yá owó ìkọ́lé". Ó kàn lọ ni.

Oṣù mẹ́rin, 78,000 lọ́nà mẹ́rin, 312,000 ni. Ẹ lè ní, àbí kí wọ́n fi èrè oṣù tó dára dí i? Ẹ wò ó. Oṣù tó dára ń ṣẹ́ 20,000 kù. Oṣù mẹ́jọ péré ló wà kí ọ̀wọ́n tó tún dé, 160,000 sì ni gbogbo èyí tí wọ́n lè dá padà. Ó ku 152,000 tí kò padà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà. Lọ́dún mẹ́rin, ìjọ yìí á ti dá 5,280,000 fún ilé, 608,000 á sì ti wọ inú epo, owó oṣù àti owó tó gòkè. Bàbá Akápò fi bírò na orí iye yẹn. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ olóòótọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tí mo rí ìṣirò yẹn, mo dákẹ́. Èmi náà ti pe ẹnì kan lólè lọ́kàn mi.

Ẹ́ńfúlọ́ọ̀pù ọ̀tọ̀ kò tó

Ìjọ ìyá mi ní ẹ́ńfúlọ́ọ̀pù ọ̀tọ̀. Wọ́n tún ní ojú ewé ọ̀tọ̀ nínú ìwé. Ohun tí wọn ò ní ni àkántì ọ̀tọ̀. Bàbá Akápò ní ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń ṣìnà: wọ́n ya owó sọ́tọ̀ lórí tábìlì, wọ́n tún un pò pọ̀ ní báńkì.

Ohun tí wọ́n ṣe ní ìjọ tiwọn rèé. Àkọ́kọ́, wọ́n ṣí àkántì kejì ní orúkọ ìjọ, tó jẹ́ ti ìkọ́lé nìkan. Àwọn tó ń fọwọ́ sí i kì í ṣe àwọn kan náà tó ń fọwọ́ sí ti ìjọ. Èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, wọn kì í sì í ṣe tọkọtaya tàbí ọmọ ìyá. Èkejì, èèyàn mẹ́ta ló ń ka owó lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á kọ iye ẹ́ńfúlọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fọwọ́ sí i kí wọ́n tó dìde níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, owó á wọ báńkì bó ṣe wà nínú ìwé yẹn, láìyọ kọ́bọ̀. Wọn ò gbọdọ̀ ti ara rẹ̀ ra epo kí wọ́n tó gbé e lọ, nítorí bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ìwé àti báńkì kò ní bára mu mọ́ láéláé.

Ẹ̀kẹta, èyí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í mú owó bébà lọ sí ìjọ mọ́. Tíráńsífà ti sọ ẹ́ńfúlọ́ọ̀pù di ohun àtijọ́ fún wa, ṣùgbọ́n ẹ́ńfúlọ́ọ̀pù ló ń sọ ohun tí owó wà fún. Bí nọ́ńbà àkántì kan ṣoṣo bá wà lára ògiri, tí o sì fi 10,000 ránṣẹ́ láìkọ ohunkóhun, ìdámẹ́wàá ni akápò máa kà á sí. Kò ṣèké, kò mọ̀ ni. Nínú áàpù báńkì yín, àyè kékeré kan wà tí wọ́n kọ Narration tàbí Remark sí. Ẹ kọ ìdí owó síbẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí ìjọ kọ nọ́ńbà méjì sára ògiri, kí ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ yan èyí tó fẹ́ fúnra rẹ̀.

Mo bi wọ́n pé, bí ọ̀wọ́n bá wá dé ńkọ́? Pásítọ̀ ò ní jẹun ni? Wọ́n ní rárá. Ọdún kan wà tí àwọn náà yá owó ìkọ́lé. Ṣùgbọ́n wọ́n pe ìpàdé, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: iye tí wọ́n yá, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, oṣù tí wọ́n máa dá a padà. Wọ́n sì dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní, "Bí a ṣe sọ ọ́ ni obìnrin kan dìde, ó ní òun á gbé epo oṣù yẹn. Ẹlòmíràn ní òun á gbé ti owó ọkọ̀. A ò yá ìlàjì ohun tí a fẹ́ yá mọ́." Àìní tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ nínú àkántì kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó lè ràn án lọ́wọ́, torí kò sẹ́ni tó rí i.

Àpótí Jèhóáṣì

Ẹ má rò pé ìṣòro ayé òde òní ni o. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kejìlá, nínú Bíbélì tí Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn ní Òkè-Ògùn wa níbí, ṣáájú iṣẹ́ títúmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ìtàn ọba kan wà tó ń jẹ́ Jèhóáṣì. Ó ní kí àwọn àlùfáà máa gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn, kí wọ́n fi tún ilé Olúwa ṣe. Ó di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, wọn ò tíì tún un ṣe.

Ohun tí wọ́n wá ṣe ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí. Wọ́n gbé àpótí kan, wọ́n lu ihò sí ìdérí rẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Bí owó bá pọ̀ nínú rẹ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà á jọ kà á, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á sì gbé e fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́: gbẹ́nàgbẹ́nà, mọlémọlé, àwọn tó ń gbẹ́ òkúta. Wọn ò fi ra àwo fàdákà fún tẹ́ńpìlì. Owó ẹbọ kan sì wà tí wọn kò gbé wá síbẹ̀ rárá, torí ti àwọn àlùfáà ni. Wọn ò fi ebi pa àlùfáà, wọn ò sì jẹ́ kí oúnjẹ àlùfáà gba inú owó ilé kọjá. Àpótí ọ̀tọ̀, èèyàn méjì tó ń kà á, owó tó lọ tààrà sọ́wọ́ oníṣẹ́. Kò sí ohun tí akápò òde òní fẹ́ fi kún un.

Ìtàn náà sọ síwájú sí i pé wọn ò béèrè ìṣirò lọ́wọ́ àwọn tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́, torí olóòótọ́ ni wọ́n. Bàbá Akápò ní, "Apá yẹn ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì ti ka owó náà kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Ẹ má fo ibi tí wọ́n ti kà á, kẹ́ ẹ wá di ibi tí wọn ò ti béèrè mú."

Bí owó bá jókòó, ó ń gbẹ

Ẹ jẹ́ ká ní àkántì wà lọ́tọ̀, gbogbo èèyàn sì jẹ́ olóòótọ́. Ewu kan ṣì wà. Owó tó jókòó ní báńkì ń dín kù lágbára. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, BUA kéde pé àpò sìmẹ́ńtì á di 3,500 náírà ní ẹnu ilé-iṣẹ́ àwọn. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi pe àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ńtì sípàdé, tí wọ́n sì fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000. Bí ìjọ bá ní mílíọ̀nù kan nígbà tí wọ́n ń ra àpò kan ní 5,000, igba àpò ni. Bó bá di 8,000, ó di àpò 125. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan owó náà, àpò márùndínlọ́gọ́rin ti lọ.

Ọgbọ́n tí àwọn ará Òkè-Ògùn ń dá sí i ni pé kí wọ́n máa sọ owó di ohun èlò. Ó dára, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá rà ṣe pàtàkì. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe ohun ìtọ́jú. Bó bá ti ń kọjá oṣù mẹ́ta nínú yàrá, pàápàá lásìkò òjò, ó máa ń gbà ọ̀rinrin, á di kókó, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Ohun tó sàn ni kí wọ́n ra sìmẹ́ńtì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n fi yọ búlọ́ọ̀kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Búlọ́ọ̀kù lè dúró de ìjọ, sìmẹ́ńtì kò lè dúró.

Ọ̀nà kejì tí àwọn kan ń gbà ni èyí tó bà mí lẹ́rù jù: "Ẹ jẹ́ ká fi owó yìí ṣòwò kó lè pọ̀ sí i." Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìjọ Kingsway International Christian Centre, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń lọ, fi nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn sílẹ̀ lọ́wọ́ Richard Rufus, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Charlton Athletic, pé kó bá àwọn fi ṣòwò. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ó lé ló ṣègbé níbẹ̀. Ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ rán ọkùnrin náà lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje ààbọ̀ lórí ẹ̀tàn. Ilé-iṣẹ́ tó ń mójú tó ẹgbẹ́ aláàánú níbẹ̀ sì dá àwọn tó di owó ìjọ mú lẹ́bi pé wọn ò ṣọ́ra tó. Ìjọ náà kọ́ ló ṣe ẹ̀tàn, àwọn ni wọ́n tàn jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá owó kò béèrè pé kí ẹ fi ta ọjà.

Ilẹ̀ náà, orúkọ ta ni?

Ibi kan ṣì wà tí owó ìkọ́lé ti lè rìn lọ tí ìwé báńkì kò ní fi hàn. Ilẹ̀ ni. Ìjọ lè fi owó ọmọ ìjọ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan, kí rìsíìtì rẹ̀ wà ní orúkọ pásítọ̀ tàbí alàgbà kan. Lọ́jọ́ tí ẹni náà bá kú, tàbí tó bá bínú kúrò, àwọn ọmọ rẹ̀ lè gbé rìsíìtì wá. Ìjọ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC ní àwọn tí òfin mọ̀ sí olùtọ́jú dúkìá, orúkọ ìjọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló sì yẹ kó wà lórí ìwé ilẹ̀.

Òfin kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ níbẹ̀. CAMA, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, sọ ní abala 838 pé owó àti dúkìá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìkan, kò sì gbọdọ̀ di èrè tí ọmọ ẹgbẹ́ ń pín. Abala tó tẹ̀ lé e, 839, ló dá ariwo sílẹ̀ láàárín CAN àti ìjọba, torí ó fàyè gba kí wọ́n dá àwọn olùtọ́jú dúkìá dúró bí ìwà àìtọ́ bá wà níbẹ̀. Ìdá kan nínú márùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ náà lè mú ẹ̀bẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, òfin yẹn kò lè rí 78,000 tó ń lọ lóṣù ọ̀wọ́n nínú àkántì ìjọ kékeré ní Ṣakí. Ẹni tó lè rí i ni ẹni tó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Ìlà kan tó yẹ kẹ́ ẹ rí

Kí lẹ wá máa béèrè? Bàbá Akápò ní kẹ́ ẹ má béèrè pé "ta ló jẹ owó?" Ìbéèrè yẹn ń dá ìjà sílẹ̀, kì í dá owó padà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìlà kan ṣoṣo hàn yín ní gbogbo oṣù mẹ́ta:

Owó ìkọ́lé tó ti wọlé, ẹ yọ èyí tí a ná tó ní rìsíìtì, ohun tó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tó wà ní báńkì.

Ẹ fi sọ́kàn pé owó tó ti wọlé la wí. Ìlérí kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, ẹnì kan lè gba gbohùngbohùn kó ní òun á san mílíọ̀nù kan, kí gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Títí tí alẹ́ìtì báńkì á fi dún, òdo ni iye yẹn. Ìjọ tó bá ka ìlérí mọ́ owó á pe káfíńtà kí owó tó dé, á sì lọ yá ìdámẹ́wàá fún ilé. Ìdámẹ́wàá náà lè di ohun tí ilé jẹ.

Bí ìlà yẹn bá bára mu, ẹ lọ sùn. Bí kò bá bára mu, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni lólè. Ẹ kọ́kọ́ béèrè àkántì mélòó ló wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo oṣù tí àìbáramu náà bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ oṣù ọ̀wọ́n ni, tó sì ń padà lọ́dọọdún ní àsìkò kan náà, ẹ ti rí ibi tí owó gbà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni owó ńlá jáde, tí kò sí rìsíìtì tàbí ìpinnu ìpàdé tó bá a lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Mo pe ìyá mi lẹ́yìn tí mo kúrò lọ́dọ̀ Bàbá Akápò. Mo ka ìṣirò náà fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Nítorí náà, owó láfún mi ni pásítọ̀ fi jẹun lóṣù kẹfà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó jọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ká ní wọ́n sọ fún mi ni, mi ò bá gbé láfún fúnra rẹ̀ wá."

Ìjọ wọn ti ṣí àkántì kejì báyìí. Òrùlé kò tíì sí. Ìyá mi ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dá tuntun, wọ́n ní kí wọ́n fi ìwé báńkì han àwọn. Wọ́n fi hàn wọ́n.

Bí ẹ bá jẹ́ akápò ìjọ tàbí mọ́sálásí níbikíbi, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, ẹ sọ bí tiyín ṣe rí.